Ta ló jẹ owó mi? Bí ọjà orí ayélujára ṣe ń ṣírò owó olùtajà

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kubwa ni mo wà, bẹ́díṣíìtì ni mo ń rán tà lórí ọjà orí ayélujára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ta 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12,000 náírà. Kọmíṣọ̀n ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n sọ fún mi, nítorí náà 216,000 ni mò ń retí. 127,950 ló wọ àkáǹtì mi. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n lọ ka ìwé ìṣirò mi. Mo kà á, kò yé mi. Mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ta ló jẹ owó mi?" (Ìyá Ayọ̀, Kubwa)

Ìyá Ayọ̀, ajé á wọgbá o. Mo jókòó ti ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì ṣírò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò wọn pé, kò sí ẹni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. 88,050 ló wà láàárín ohun tí ẹ ń retí àti ohun tó wọlé. 52,200 nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. 35,850 tó kù gba àwọn ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún yín nígbà tí wọ́n ń sọ ìdá 10 nínú 100. Ibẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú, torí mo rí i pé ìdá 10 yẹn nìkan ni ẹ fi gbé iye owó bẹ́díṣíìtì yín kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ohun tó fara sin jù. Ọjà tí ẹ tà lọ́sẹ̀ kan kọ́ ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ náà. Ọjà tó dé ọwọ́ oníbàárà ni wọ́n ń kà. Òótọ́ ni pé ọ́dà 20 wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi pa ìwé dé lóru ọjọ́ Àìkú, 17 péré ló ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Méjì ń lọ sí Maiduguri, ọ̀kan ń lọ sí Sókótó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lójú ọ̀nà. Nínú ìwé yín, wọ́n kọ `Shipped` síwájú wọn, wọ́n kọ `Delivered` síwájú àwọn tó kù. Owó mẹ́ta yẹn yóò bọ́ sínú ìwé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé. Nítorí náà, 204,000 ni ìṣirò yín ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 240,000. Ẹni tó bá ń tajà láti Àbújá sí òkè Àríwá gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa, torí ọjà tó lọ sí Gwarinpa lè dé lọ́la, ti Maiduguri lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, owó méjèèjì kò sì ní bára wọn wọlé.

Láti orí 204,000, wọ́n yọ kọmíṣọ̀n, ó jẹ́ 20,400. Ìyẹn bá ohun tí wọ́n sọ mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yọ 1,530 tí wọ́n kọ `VAT` sí. Owó orí ìjọba tí gbogbo wa ń pè ní fáàtì nìyẹn, tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 láti oṣù kejì ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń bínú síbí, wọ́n rò pé wọ́n gba fáàtì lórí ọjà wọn. Kì í ṣe orí bẹ́díṣíìtì yín ni wọ́n gbé e lé. Iṣẹ́ tí ọjà orí ayélujára náà ṣe fún yín ni wọ́n gbé e lé, ìyẹn orí kọmíṣọ̀n. Ká ní orí ọjà ni, 15,300 ni yóò jẹ́. Owó ìfijíṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, 600 náírà lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan, 10,200 lápapọ̀, pẹ̀lú fáàtì tirẹ̀ tó jẹ́ 765. Ẹ ṣàkíyèsí pé 600 yìí kò mọ bóyá ọjà wọ́n tàbí kò wọ́n. Ẹni tó ń ta ìrọ̀rí 2,500 náírà yóò san 600 kan náà, yóò sì bà á nínú jẹ́ ju tiyín lọ.

Bí ẹ bá kó gbogbo èyí lé orí bẹ́díṣíìtì kan ṣoṣo, 12,000 yóò fi kọmíṣọ̀n 1,200 sílẹ̀, fáàtì rẹ̀ 90, owó ìfijíṣẹ́ 600, fáàtì rẹ̀ 45. Ohun tó kù fún yín ni 10,065. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ kọ sára ògiri níbi ẹ̀rọ ìránṣọ yín. 10,800 ni ẹ fi ń ṣírò èrè, ìyẹn ni pé lórí gbogbo bẹ́díṣíìtì tí ẹ ti tà, 735 náírà èrè kan wà lọ́kàn yín tí kò sí nínú àpò yín. Owó aṣọ, owó òwú, owó ọmọ iṣẹ́ àti owó ọ̀rá tí ẹ fi ń di ọjà, inú 10,065 ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjà tí wọ́n dá padà. Ìwé yín fi hàn pé bẹ́díṣíìtì méjì padà wá, wọ́n sì yọ 24,000. Kì í ṣe nínú 17 ọ̀sẹ̀ yìí ni méjèèjì wà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ẹ tà wọ́n, ẹ ti gba owó wọn, bóyá ẹ ti ná an. Wọn kì í padà sínú ìwé àtijọ́ láti tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dá owó oníbàárà padà ni wọn yóò yọ ọ́, láìka ìgbà tí ẹ tà á sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ tí ọjà tà dáadáa fi lè mú owó kékeré wá.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi ojú sí níbí ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń padà nígbà tí ọjà bá padà. Wọ́n dá kọmíṣọ̀n padà fún yín pẹ̀lú fáàtì rẹ̀, 2,580 lórí méjèèjì, ó wà nínú ìwé yín ní ìlà tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti yọ 24,000, bóyá ẹ kò rí i. Owó ìfijíṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọn kò dá padà, torí ẹni tó gbé ọjà lọ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tún gba 900 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbé e padà wá, pẹ̀lú fáàtì, 1,935 lórí méjèèjì. Nítorí náà, bẹ́díṣíìtì kan tó lọ tó bọ̀ kò mú kọ́bọ̀ wá, ó sì gbé 1,612 náírà àti 50 kọ́bọ̀ lọ. Bí ó bá tún dé pẹ̀lú àbàwọ́n, ti pé ẹ kò lè tún un tà jẹ́ òfò mìíràn tí ìwé wọn kò ní fi hàn láéláé. Èmi náà kò lè rí ìyẹn láti orí ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ọjà náà ṣe rí nígbà tí ẹ tú u.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ìlà tó bí yín nínú jù, tí ẹ fi bírò pupa yí ká. `Reserve`, 30,600. Ẹ kọ "olè" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mọ bó ṣe rí lára, àmọ́ ìlà yìí gan-an ni kì í ṣe ìnáwó. Owó ìdádúró ni. Owó yín ni, ọwọ́ wọn ló wà, ó ní ọjọ́ tí yóò jáde. Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí sọ pé wọn yóò máa dá ìdá 15 nínú 100 ọjà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjọ́ 14. Ìdá 15 nínú 204,000 ni 30,600. Wọ́n ń ṣe é torí pé oníbàárà ní ọjọ́ méje láti dá ọjà padà lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó fi káàdì sanwó sì tún lè lọ bá báǹkì rẹ̀ pé òun kò rí ọjà. Bí ẹ bá ti gba gbogbo owó, tí ẹ sì ti ilé ìtajà yín pa, ta ni yóò dá owó ẹni yẹn padà? Owó ìdádúró ló dúró fún ìyẹn. Ìdí tí wọn kò fi yọ 24,000 àwọn ọjà tó padà láti inú rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú un lára owó ọ̀sẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ìgbà tí owó ọ̀sẹ̀ kò bá tó ni wọ́n ń yíjú sí owó ìdádúró.

Nínú ìwé kan náà, ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ `Reserve release` sí, 10,800. Ẹ kò yí ìyẹn ká. Ó ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn wá, nígbà tí bẹ́díṣíìtì mẹ́fà péré dé ọwọ́ àwọn oníbàárà yín, 72,000, wọ́n dá 10,800 dúró, ó sì ti jáde báyìí. Nítorí náà, ohun tí owó ìdádúró mú lọ lára owó yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe 30,600. Ìyàtọ̀ àárín ohun tó wọlé síbẹ̀ àti ohun tó jáde ni, 19,800. Ẹ wá lè ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: 204,000, kí a yọ kọmíṣọ̀n àti fáàtì rẹ̀, ó ku 182,070. Kí a yọ owó ìfijíṣẹ́ àti fáàtì rẹ̀, ó ku 171,105. Kí a yọ ọjà tó padà, kí a dá kọmíṣọ̀n wọn padà, kí a yọ owó ìgbépadà, ó ku 147,750. Kí a dá 30,600 dúró, kí a tú 10,800 sílẹ̀, ó di 127,950.

Bí ẹ bá ń ta iye kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ohun tí wọ́n ń dá dúró àti ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀ yóò bára dọ́gba, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ìgbà tí ọjà bá ń pọ̀ sí i ló máa ń dunni, torí ohun tó ń wọlé síbẹ̀ ti ọjà ńlá wá, ohun tó ń jáde sì ti ọjà kékeré àná wá. Àfi bí ọjà bá relẹ̀ ni yóò yí padà, a ó wá máa rí owó tó ju ọjà lọ. Ibi ìkejì yìí ni mo ti rí ẹni tó ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní Nyanya, tí mo ń bá tọ́jú ìwé rẹ̀, tajà gan-an nígbà Ìléyá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàtà díẹ̀ ló tà, síbẹ̀ owó tó wọlé tó nǹkan. Ó rò pé ọjà ṣì ń lọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ ra bàtà mìíràn. Owó ìdádúró Ìléyá ló ń jáde, àwọn bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu sì ń padà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé rẹ̀ parí sí òdì, ìyẹn ni pé òun ló jẹ ọjà náà ní gbèsè, wọ́n sì gbé gbèsè náà wọ inú ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ó dùn mí pé n kò tètè ṣàlàyé fún un, nítorí gbogbo àmì rẹ̀ ti wà nínú ìwé.

Ẹ fi ti ara yín wò ó. Bí 40 bá dé ọwọ́ àwọn oníbàárà lọ́sẹ̀ kan kí Ìléyá tó dé, tiyín jẹ́ 402,600, ṣùgbọ́n wọn yóò dá 72,000 dúró, àkókò yẹn gan-an ni ẹ nílò owó lọ́wọ́ láti lọ kó aṣọ ní Kantin Kwari ní Kano. Ẹ má ṣe ka 72,000 yẹn mọ́ owó aṣọ. Nígbà tó bá sì jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe kà á mọ́ ọjà tuntun.

Nípa bí ẹ ó ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò: kíka ìwé láti òkè sí ìsàlẹ̀ kò tó, torí ọ́dà kan lè wà nínú ìwé méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kó fáìlì ìwé ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà jọ sínú ojú ewé Excel kan ṣoṣo, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, kí nọ́ńbà ọ́dà wà ní òpó B, kí iye owó, ti àfikún àti ti àyọkúrò, wà ní òpó F. Lójú ewé kejì, mo kọ nọ́ńbà ọ́dà kọ̀ọ̀kan sí òpó A lẹ́ẹ̀kan péré, mo wá ní kí ó ṣírò àpapọ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ́dà náà:

```
=SUMIFS(Sheet1!F:F,Sheet1!B:B,A2)
```

Fún tiyín, ọ́dà oníbẹ́díṣíìtì kan tó tà tí kò padà gbọ́dọ̀ já sí 10,065. Èyí tó padà gbọ́dọ̀ já sí -1,612.50. Bí ẹ bá rí -2,902.50, a jẹ́ pé wọ́n ti dá owó oníbàárà padà ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé kọmíṣọ̀n yín àti fáàtì rẹ̀, 1,290 náírà. Àṣìṣe yìí ni mo ń bá pàdé jù lọ, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè rí i nínú ìwé ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá já sí -11,677.50, ìwé ọ̀sẹ̀ tí ẹ tà á ni ẹ kò tíì kó wọ inú ojú ewé, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Owó ìdádúró kò ní nọ́ńbà ọ́dà, ìwé ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ máa kọ ọ́ sí: iye tí wọ́n dá dúró, ọjọ́ tó yẹ kó jáde, iye tó jáde.

Kí ni ẹ wá lè ṣe? Mo wo ohun tí àwọn méjì tó dá ọjà padà kọ. Àwọn méjèèjì ní ó kéré, pé ibùsùn 6 sí 7 ni tiwọn. Mo wá lọ wo ibi tí ẹ ti polówó ọjà náà, "bẹ́díṣíìtì ńlá" ni ẹ kọ síbẹ̀, ẹ kò kọ 6 sí 6. Bí ẹ bá tún ìlà yẹn kọ, ó lè pa owó mọ́ fún yín ju kí ẹ bá wọn dúnàá dúrà lórí kọmíṣọ̀n lọ, èyí tí n kò tíì rí olùtajà kékeré kan tó rí gbà. Ti iye owó ńkọ́? Bí 10,800 bá ni ẹ gbọ́dọ̀ máa rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kò lè kàn fi 735 lé 12,000, torí kọmíṣọ̀n yóò tún mú lára àfikún náà. 12,825 ni yóò gbé yín dé ibẹ̀, ẹ lè pè é ní 12,900. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn oníbàárà yín yóò gbà á, ẹ dán an wò lórí àwọ̀ kan ná. Àwọn mìíràn máa ń yá owó lórí owó ìdádúró wọn kí wọ́n lè ra aṣọ. N kò gbà yín níyànjú rẹ̀, torí ọjọ́ 14 ni ẹ ń sá fún, èlé rẹ̀ sì lè kọjá 735 tí à ń wá kiri. Ó sàn kí ẹ máa ta díẹ̀ fún àwọn oníbàárà Kubwa tó ń sanwó lọ́wọ́, kí owó aṣọ máa ti ibẹ̀ wá. Bí oṣù mélòó kan bá sì kọjá tí ọjà tó ń padà kò pọ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dín ìdá 15 yẹn kù. Ìyẹn, mo ti rí i tí wọ́n gbà fún àwọn kan, wọ́n sì ti kọ̀ fún àwọn mìíràn láìsọ ìdí.

45,000 yín ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí. 14,400 ti ọ̀sẹ̀ tí bẹ́díṣíìtì mẹ́jọ dé ọwọ́ oníbàárà yẹ kó jáde nínú ìwé tó ń bọ̀, 30,600 nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ti Maiduguri àti Sókótó bá dé tí wọn kò sì padà, wọn yóò mú 30,195 wá láàárín wọn, kí a tó yọ ìdádúró tiwọn. Bí 14,400 yẹn kò bá sí lábẹ́ `Reserve release` nínú ìwé tó ń bọ̀, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti dá a dúró, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi.